Ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo ti yí orúkọ padà, bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn agbanisíṣẹ́ nílùú ọba rèé

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Ẹ̀yin ará ilé, LAUTECH Teaching Hospital ló wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pínyà lórí LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n jọ ni, ní 2020, ọsibítù tiwa níbí wá di UNIOSUN Teaching Hospital. Mètírọ́ọ̀nù tó jẹ́rìí fún mi fi orúkọ tuntun kọ lẹ́tà, ni àwọn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ìlú ọba, bá bi mí pé ṣé ibi iṣẹ́ méjì ni, torí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kéré tán, ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, àlàfo tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀, wàá ṣàlàyé ẹ̀ ni. Bí mo ṣe wá kọ ọ́ sínú sífí rèé, oṣù àti ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ àti tí mo kúrò sì tẹ̀lé e:

`UNIOSUN Teaching Hospital, formerly LAUTECH Teaching Hospital, Osogbo`

Mo tún gba lẹ́tà lọ́fíìsì àwọn alábòójútó pé ọsibítù kan náà ni. Gmail ni mètírọ́ọ̀nù kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, wọn ò gbà á, àfi ìgbà tó lo ímeèlì ọsibítù. Ipò mi, `Nursing Officer II`, náà ò yé wọn rárá, ohun tí mò ń ṣe ni mo wá kọ: wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ibùsùn 24, nọ́ọ̀sì méjì lóru, abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ fífà, gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Ìgbọ̀nà: Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fa wàhálà yẹn lẹ́sẹ̀ jàre. Ká ní ẹ ṣe WES ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrè kankan.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Àbúrò, Kánádà àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lo WES, ìwé ẹ̀rí nìkan ló sì ń wò, kò lè sọ ibi téèyàn ti ṣiṣẹ́. Nílùú ọba, NMC ló ń wo ìwé àwa nọ́ọ̀sì, Council wa l'Ábújá ló sì máa jẹ́rìí sí i fún wọn tààrà.

Bàbá Aríkẹ́: Ẹ dákun, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. HND àkáǹtì ni mo ní, Kánádà ni mò ń lọ, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ BSc torí wọn ò mọ HND níbẹ̀.

Ọmọ Olúóde: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé sà. `Higher National Diploma` ni kẹ́ ẹ kọ, bó ṣe wà lórí sàtífíkéètì, kẹ́ ẹ wá so jábọ̀ WES mọ́ ọn, òun ló máa sọ ohun tó bá dọ́gba lọ́hùn-ún. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ yín kúrò nínú sífí, wọn ò nílò ẹ̀. Kí ilé ìwé yín tètè fi tránsíkíríìtì ránṣẹ́ sí WES o, ibẹ̀ ló ń pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì: Tèmi tún yàtọ̀. Kílíníìkì aládàáni ni mo ti ṣiṣẹ́, dókítà tó ni ín ti kú, wọ́n sì ti ti ibẹ̀ pa. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí fún mi?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín jọ, pẹ̀lú sítéétímẹ́ǹtì báǹkì tí owó oṣù wọlé sí, kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè pé ibẹ̀ ti kógbá sílé. Mo mọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Ṣé ẹ ṣì ní nọ́ńbà dókítà kankan tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀?