Sọ́bútáítù ìwàásù ń sáré ju ẹnu pásítọ̀ lọ: ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ọmọ Mídíà Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwàásù bíi wákàtí kan la gbà sílẹ̀, à ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn àgbà tí etí wọn ò já gaara mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ó bá ẹnu mu rẹ́gí. Nígbà tí pásítọ̀ fi máa ní kí ọlọ́kàn ìrònúpìwàdà jáde wá, ọ̀rọ̀ ti ń ṣáájú ẹnu bíi sẹ́kọ́ńdù 3. A dá gbogbo ẹ̀ dúró díẹ̀, ìparí gún, ìbẹ̀rẹ̀ wá bàjẹ́. Ẹ sọ tiyín.

Màmá Ìbejì: Kí lẹ́tà ẹ tóbi ni tèmi. Bí èèrà ló rí lórí fóònù.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Fíréèmù ni, iye àwòrán tó ń kọjá ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ẹ yí i sí 25, ó parí. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo tèmi nìyẹn.

Onífídíò Tákíè: Bọ̀dá, fíréèmù lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ 25 kọ́ ni oògùn gbogbo fídíò. Bí kámẹ́rà bá gbà á ní 29.97, tẹ́ni tó ń ṣe àkókò sì kà á sí 30, ọ̀rọ̀ á máa yára díẹ̀díẹ̀. Láàárín wákàtí kan, á ti ṣáájú ní sẹ́kọ́ńdù 3.6. Tó bá jẹ́ 24 àti 25 ni wọ́n pò pọ̀, á lé ní ìṣẹ́jú 2, ẹ ò bá ti pariwo tipẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ lọ wo àárín gbùngbùn. Bó bá jẹ́ ìdajì ló fi ṣáájú níbẹ̀, ẹ fà á gùn: nínú ètò Subtitle Edit, `Point sync` ni. Ẹ mú ìlà kan níbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan nípẹ̀kun, ẹ fi ibi tẹ́nu ti là gan-an hàn án, á pín ìyókù fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lójijì ló fò, ẹnì kan ti fọwọ́ kan fídíò lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fa ìyẹn gùn, gbogbo ẹ̀ ló máa wọ́.

Akọrin Obìnrin: Tèmi burú ju yẹn lọ. Pásítọ̀ béèrè ìbéèrè, ó dákẹ́, gbogbo ìjọ ń ronú. Sọ́bútáítù ti kọ ìdáhùn jáde! Màmá mi tó ń wò ó nílé ti rẹ́rìn-ín tán kó tó lanu.

Díákónì Kékeré: 😂😂 Màmá ti di wòlíì.

Onífídíò Tákíè: Ẹni tó kó ìbéèrè àti ìdáhùn sínú ìlà kan ló fà á. Ẹ gé e níbi tó ti dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ojú fídíò ṣófo:

```
212
00:31:04,200 --> 00:31:06,900
Ta ló ń sùn nínú ọkọ̀ náà?

213
00:31:09,100 --> 00:31:11,000
Jónà ni!
```

Àlàfo bíi sẹ́kọ́ńdù 2 yẹn, ẹ má kún un. Tẹ́ ẹ bá sì ń pín gbólóhùn gígùn sí ìlà méjì, ẹ má fi "tí" tàbí "ní" sílẹ̀ lókè. Ẹ jẹ́ kó bá ohun tó ń gbé wọ ìsàlẹ̀.

Díákónì Kékeré: Àwa ti yọ àmì ohùn kúrò ṣá. Gbogbo ìlà ló ń pupa pé ó ti gùn jù.

Akọrin Obìnrin: Háà! Kí àwọn àgbà máa wá méfò?

Onífídíò Tákíè: Ìṣirò yẹn ló ń parọ́. Ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ohun méjì ni kọ̀ǹpútà fi kọ ọ́, ó sì lè kà á sí lẹ́tà méjì. Ẹ ka ìlà náà sókè fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá kà á tán kó tó lọ, ẹ fi pupa ẹ̀ sílẹ̀.

Díákónì Kékeré: Ẹni tó kàwé yára ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi ńkọ́?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Ẹ ò tíì sọ ti ògbufọ̀. Tiwa, pásítọ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ti já lu ọ̀rọ̀ kó tó parí ẹ̀. Ta la máa kọ?

Akọrin Obìnrin: Ògbufọ̀. Òun làwọn àgbà ń gbọ́.

Díákónì Kékeré: Ògbufọ̀ tiwa? Ìwàásù tiẹ̀ ló ń ṣe lọ́tọ̀ o! Pásítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó túmọ̀ ẹ̀ sí ogún.

Akọrin Obìnrin: Ó ń ṣàlàyé ni.

Díákónì Kékeré: Ṣàlàyé kẹ̀! Ó fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan.

Ọmọ Mídíà Ògbómọ̀ṣọ́: Onífídíò, mo ti wo àárín. Kì í ṣe ìdajì o, sẹ́kọ́ńdù 3 náà ti pé níbẹ̀. Lẹ́yìn ọrẹ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì há a láàárín.

Onífídíò Tákíè: Ẹ gbàgbé `Point sync` nìyẹn. Ẹ yan láti ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwòrán náà títí dé òpin, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ sún.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Ẹ sì dán 25 wò ná.