"Rí" tàbí "mọ̀" nínú Mátíù 9:2, àti òrùlé tí Máàkù sọ

Olùkọ́ kíláàsì Bíbélì kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Nínú Mátíù 9:2, wọ́n gbé alárùn ẹ̀gbà kan wá, a sì kà pé Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn, ó pe aláìsàn náà ní "ọmọ", ó sì ní a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ṣé ojú ni a fi ń rí ìgbàgbọ́ ni? Mo fẹ́ fi "mọ̀" rọ́pò "rí" nínú ìwé tí mò ń kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣé ó tọ̀nà?

Èsì mi, láti Ọ̀yọ́:

Olùkọ́ wa, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ "rí" kúrò. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì ni pé ohun tí Jésù rí kò sí nínú Mátíù rárá. Inú Máàkù 2 ni ó wà. Níbẹ̀, ilé kan ní Kapanáúmù kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn mẹ́rin gbé aláìsàn náà dé, wọn kò rí àyè wọlé, ni wọ́n bá gun orí ilé, wọ́n ṣí òrùlé, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e gan-an ni pé Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá ka Máàkù kò ní béèrè bí a ṣe ń rí ìgbàgbọ́, nítorí ihò náà ṣì wà lókè orí gbogbo èrò.

Mátíù gé gbogbo èyí kúrò. Kò sọ pé èrò dí ẹnu ọ̀nà, kò ka iye àwọn tó gbé e, kò sọ̀rọ̀ òrùlé, ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Mátíù, Máàkù àti Lúùkù lò níbẹ̀. Lúùkù nìkan ni kò tún orúkọ Jésù dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mátíù ṣe sí ìtàn ọmọbìnrin Jáírù ní orí 9 yìí kan náà: ẹsẹ mẹ́tàlélógún ni Máàkù fi sọ ọ́, ẹsẹ mẹ́sàn-án péré ni Mátíù fi sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun, sà, ṣùgbọ́n ìtàn òrùlé yẹn kò dúró. Lúùkù 5:19 sọ pé àárín kéramọsì ni wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, ìyẹn amọ̀ sísun tí a tò sórí ilé. Máàkù ní wọ́n gbẹ́ òrùlé. Ta ló ń gbẹ́ amọ̀ sísun? Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣì í sọ.

Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gbígbẹ́ òrùlé yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní àjà alámọ̀. Wọ́n á to igi sórí ògiri, wọ́n á fi amọ̀ pípò bò ó, koríko ni yóò wà lókè pátápátá. Orí àjà ni a ń kó àgbàdo sí, bí iná bá sì jó koríko, ohun tó wà lábẹ́ àjà kì í jóná. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ ojú àjà náà, ọkọ́ ni wọ́n fi hú u. Amọ̀ ń já lu ẹní bí òkúta, eruku sì gba yàrá kan. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní ṣàìmọ̀ pé wọ́n wà lókè.

Èsì mi:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mọ́mì. Ohun tí ẹ sọ yìí ni mo ń wá. Àbúrò mi, òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa kéramọsì, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Máàkù lò ni èyí tí Mátíù 25:18 lò fún ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ láti fi owó pamọ́, àmọ́ Máàkù fi "jáde" kún tirẹ̀. Bí Máàkù ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ náà ni a rí i nínú Gálátíà 4:15, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ nípa yíyọ ojú ẹni. Kì í ṣe lílu ihò lásán, ohun kan ni wọ́n ń hú jáde. Àwọn ilé tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ ní Kapanáúmù jẹ́ olókùúta dúdú, ògiri wọn kò sì le tó láti ru ẹrù púpọ̀. Igi ni wọ́n ń tò lé e, wọ́n á da ẹ̀ka àti esùsú lé igi, wọ́n á sì fi amọ̀ bò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ará ìlú ńlá tí ilé wọn ní amọ̀ sísun lórí ni Lúùkù ń kọ̀wé sí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí ojú wọn mọ̀ ni ó lò fún wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ "dá òrùlé lu" kúrò nínú Máàkù ti èdè Yorùbá. Igbá ni a ń dá lu, tàbí pákó. "Wọ́n ṣí òrùlé, wọ́n sì hú amọ̀ rẹ̀" ni mo fara mọ́.

Ìyá, Ògbómọ̀ṣọ́:

Kí ló dé tí ẹ kò pè é ní àjà?

Èmi:

Mọ́mì, nítorí koríko tàbí páànù máa ń wà lókè àjà ni. Bí mo bá kọ "àjà", ọmọ kíláàsì yóò béèrè bí wọ́n ṣe kọjá páànù. "Òrùlé alámọ̀" ni mo dá lábàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ tiyín ló jọ ti Kapanáúmù jù.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́:

Mo gba ti amọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Mátíù 9:4. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan, Jésù "rí" èrò ọkàn àwọn akọ̀wé. Nínú àwọn mìíràn, ó "mọ̀" ọ́n. Bí Mátíù bá lè kọ "rí" fún èrò ọkàn, "rí" ti ẹsẹ 2 lè jẹ́ "mọ̀" náà.

Èmi:

Ìyẹn lágbára, n kò sì lè dá a nù fún Mátíù. Ṣùgbọ́n wo Máàkù 2:8: ó ní Jésù "mọ̀" nínú ẹ̀mí rẹ̀ ohun tí wọ́n ń rò. Máàkù ya méjèèjì sọ́tọ̀, "rí" fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, "mọ̀" fún ohun tó wà nínú ọkàn. Bí olùkọ́ bá kọ "mọ̀" síbi méjèèjì, ìyàtọ̀ yẹn ti parẹ́ nìyẹn. Kí ó fi "rí" sílẹ̀, kí ó sì sọ ìtàn òrùlé nísàlẹ̀ ojú ìwé. Kí ó má ṣe tì í bọ inú Mátíù fúnra rẹ̀, nítorí Mátíù kò sọ ọ́.

Pásítọ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú àlàyé. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn kò lè mú kí a dárí ji ènìyàn. Ìgbàgbọ́ aláìsàn ni.

Èmi:

Bàbá, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kan èdè wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "wọn" ní Gíríìkì, kò sì sọ bóyá aláìsàn wà nínú wọn. Ní Ọ̀yọ́ níbí, "wọn" tún lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún, nítorí náà ọmọ lè rò pé aláìsàn nìkan ni. "Ọmọ" tí Jésù pè é ni kò jẹ́ kí n gba ìyẹn. Bí a bá sì kọ "ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá", a ti yọ aláìsàn kúrò pátápátá, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun náà ló gbà kí wọ́n gbé òun gun òkè. Títí di ìsinsìnyí, n kò rí ọ̀rọ̀ kan tó gba gbogbo wọn láìbọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní i, ẹ kọ ọ́ wá.

Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo ti dá "rí" padà. "Wọn" ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.