Kí ẹ tó kó sínú ilé kan náà, kí lẹ sọ fúnra yín nípa owó?

Adéọlá: Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi jókòó, kálukú mú bébà tirẹ̀. Ká ní owó oṣù tèmi jẹ́ 100, tirẹ̀ jẹ́ 150. Mo ti gbà pé òun ni yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé. Àṣé gbèsè ń gba 30 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù, ìyá rẹ̀ ń gba 30, owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ jẹ́ 20. 70 ló ń kù sí i lọ́wọ́. Èmi ò jẹ gbèsè, bàbá mi nìkan ni mò ń fún ní 10, nítorí náà 90 ló ń kù sí mi. Ohun tó kù la fi pín in: owó ilé jẹ́ 32, mò ń san 18, ó ń san 14. Bí gbèsè yẹn bá tán, a ó tún un pín.

Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ó ṣe onídùúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yáwó. Kò kà á sí gbèsè torí pé kò san nǹkan kan rí. Ìgbà tí mo bi í pé, “Ṣé orúkọ rẹ wà lórí ìwé gbèsè ẹlòmíì?” ló tó rántí. Bí ẹ̀gbọ́n yẹn ò bá san mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Bọ́lájí: Gbèsè tó jẹ kó tó mọ̀ ọ́, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Tirẹ̀ nìkan ni.

Màmá Ìbùkún: Bọ́lájí, lóòótọ́, ẹni tó kàn ń bá onígbèsè gbélé kì í torí ìyẹn di onígbèsè. Ṣùgbọ́n bí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà lórí ìwé ilé, ní ọ̀pọ̀ ibi, onílé lè ní kí ẹnì kan san gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, Adéọlá ni yóò dí àlàfo náà. Adéọlá, owó ilé-ìwé ní òpin, ṣùgbọ́n ti ìyá máa ń pọ̀ sí i ni bí ara bá ń dàgbà. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn bí àìsàn bá dé lójijì, torí ìyẹn kì í sí lórí bébà.

Fẹ́mi: Èmi sọ iye tí mo fi pa mọ́ fún àfẹ́sọ́nà mi. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá wù ú, “ṣebí o lówó nílẹ̀.” A ti túká. Ṣé àkáǹtì kan ṣoṣo lẹ wá ń lò ni?

Adéọlá: Rárá o, Bọ̀dá Fẹ́mi, owó ilé nìkan la ń dá jọ. Ní ti ìpamọ́, a ò sọ iye rẹ̀. Iye oṣù tí ó lè gbé kálukú bí iṣẹ́ bá bọ́ la sọ fúnra wa.

Màmá, ẹ ṣeun. A ò tíì sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn rárá. Ibi tí a ti ń fà á báyìí ni ti àbúrò rẹ̀: bó bá parí ilé-ìwé, mo ní kí 20 yẹn wọ ìpamọ́. Ó ní ẹni tó tẹ̀ lé e ló kàn.