Bí ọjọ́ 30 bá bọ́ sí Sọ́ńdè: báwo la ṣe máa kọ ọ́ ní Yorùbá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń tú ìwé kan tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fìdí rẹmi ní kóòtù. Ó ní kí onítọ̀hún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọjọ́ 30 sí ọjọ́ ìdájọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: "kí ọjọ́ 30 tó pé." Ṣé ó tọ̀nà? Bí ọjọ́ tó kẹ́yìn bá sì bọ́ sí Sọ́ńdè tí kóòtù wà ní títì, orúkọ wo la máa pe ọjọ́ tí wọ́n sún un sí? "Ọjọ́ àfikún" ló wá sí mi lọ́kàn.

Olùkọ́ Yorùbá

Àbúrò, "kí ọjọ́ 30 tó pé" á já ọjọ́ kan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka ìwé yẹn. Bí mo bá ní kí o dé kí aago mẹ́fà tó lù, tí o wá dé bí aago ṣe ń lù, o ti pẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 30 fúnra rẹ̀ wà nínú àyè tí òfin fún un. "Kó má kọjá ọjọ́ 30" ni èmi á kọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Ẹ wo ìjẹta. Ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òun àti òní. Òní ni a kà ní ọ̀kan, àná ní èjì, ìjẹta wá di ẹ̀ta. Bákan náà ni "òní ọjọ́ mẹ́jọ": bí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ là ń wí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ wà nínú òǹkà wa. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù ṣe ń kà á? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá ní "ọjọ́ 30 sí ọjọ́ ìdájọ́" lásán, ọjọ́ tó yàtọ̀ sí ti kóòtù ni òǹkàwé wa máa dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin

Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀gbọ́n. Òfin kì í ka Sọ́ńdè rárá. Sọ́ńdè mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa wà nínú ọjọ́ 30, ẹ yọ gbogbo wọn kúrò, ẹ ka ìyókù. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn kò lè bọ́ sí Sọ́ńdè láéláé. "Ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́" ni kó kọ.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, jọ̀ọ́ má jẹ́ kó kọ "ọjọ́ iṣẹ́" síbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọn ò sì ní gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ohun tí o sọ ti wá. Òfin tó ń túmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, ní abala 15, sọ pé bí àkókò tí wọ́n fún ènìyàn kò bá ju ọjọ́ 6 lọ, kí wọ́n má ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Ìlànà kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ní irú rẹ̀ fún àkókò tí kò tó ọjọ́ 11, kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní 2009. Ọjọ́ péréte ni wọ́n ṣe é fún, torí bí wọ́n bá fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta tí òpin ọ̀sẹ̀ jẹ méjì nínú rẹ̀, kí ló kù? Ọgbọ̀n ọjọ́ kò sí lára ìyẹn. Gbogbo Sọ́ńdè tó wà láàárín ni wọ́n máa kà. Èyí tó bá bọ́ sí ìdí òǹkà nìkan ni wọ́n ń ro ti rẹ̀.

Ohun tí Olùkọ́ béèrè wá ńkọ́? Rárá, sà, kóòtù kì í kà á bíi tiwa. Abala 15 kan náà ní kí wọ́n yọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ gidi wò ó. Ká ní wọ́n dá ẹjọ́ ní Fúráìdè, ọjọ́ 7 oṣù kẹta, 2025. Sátidé, ọjọ́ 8, ni ọ̀kan. Tí a bá dé ìparí oṣù kẹta, ọjọ́ 24 ti lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ló pé ọgbọ̀n, Sọ́ńdè sì ni. Níbẹ̀ ni òfin ti máa wọlé: àkókò náà kò tíì parí, ó ń lọ títí di òpin ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Mọ́ńdè, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, nìyẹn. Bí Mọ́ńdè yẹn bá tún jẹ́ ọlidé, ó di Túsìdè.

Ẹni tó bá kà á lọ́nà ìjẹta á dé Sátidé, ọjọ́ 5. Àṣìṣe tiẹ̀ kò burú, á kàn sáré ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Oníṣòwò

Ẹ ṣeun, mà. Èmi náà ti rí i bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé Sọ́ńdè máa ń fún ènìyàn ní ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dá ẹjọ́ mi ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 2025, wọ́n ní ọjọ́ 14. Mo kà á, ó bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 16. Mo lọ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 17, wọ́n sì gbà á láìbéèrè ohunkóhun. Torí náà "ọjọ́ ọ̀fẹ́" ni kí ẹ pè é.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò fún yín ní ọjọ́ kankan. Ọjọ́ 17 ni ọjọ́ 14 yín gan-an. Ẹ ti ka ọjọ́ ìdájọ́ mọ́ ọn, ìyẹn ló gbé yín dé Sọ́ńdè. Ẹ tún un kà: Túsìdè, ọjọ́ 4, ni ọ̀kan, Mọ́ńdè, ọjọ́ 10, ni méje, Mọ́ńdè, ọjọ́ 17, ni mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yin ìyókù, ẹ ṣàkíyèsí èyí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó sí i. Bí iye ọjọ́ bá ṣeé pín sí méje, bíi 14, 21 tàbí 28, irú ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ ni òǹkà náà máa parí sí. Kóòtù kì í sábà dá ẹjọ́ ní Sọ́ńdè. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọjọ́ 14 sí ọjọ́ ìdájọ́, tí òǹkà rẹ bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé o ti ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́ láti inú èyí, bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe yìí, pé ọjọ́ kan máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí tí òun kà. Lọ́jọ́ tó bá ka ọjọ́ rẹ̀ pé, tó sì tún fi ọ̀kan lé e, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ti ọjọ́ 30 ló yàtọ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lé ọjọ́ méjì ni, ìdájọ́ Fúráìdè ló sì máa ń gbé e dé Sọ́ńdè.

Olùkọ́ Yorùbá

Mà, ẹ ti kọ́ mi lóhun tí n kò mọ̀. Ó wá ku orúkọ. N kò fẹ́ "ọ̀fẹ́". Ṣé "ọjọ́ àfikún" tí àbúrò wa mú wá kò dáa tó?

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì

Èmi ò gbà á, sà. Ẹni tó ti pẹ́ ló ń lọ bẹ kóòtù fún àfikún àkókò. Á kọ ìdí tó fi pẹ́, á búra lé e lórí, adájọ́ lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí Sọ́ńdè kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò pẹ́, kò sí ohun tó máa ṣàlàyé. Bí ẹ bá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ á máa rò pé ojú rere lòun ń tọrọ, ẹni tó sì pẹ́ á rò pé ẹ̀tọ́ òun ni.

Olùkọ́ Yorùbá

Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá "àsúnbọ́sí" máa gbà: ọjọ́ àsúnbọ́sí, ọjọ́ tí gbèdéke sún bọ́ sí. Ó ṣe é pè, kò sì ní ojú rere nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin

Ẹ ṣeun, mà, mo ti rí ibi tí mo ti ṣì í. Àmọ́ "àsúnbọ́sí" ní kí gbèdéke sún. Ohun tí abala 15 sọ ni pé àkókò ń bá a lọ. Gbèdéke kò ṣí kúrò níbì kan. Mo tún ní ìbéèrè: bí ó bá bọ́ sí Sátidé ńkọ́? Ọ́fíìsì wà ní títì ní Sátidé náà.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Nínú òfin Nàìjíríà yẹn, Sọ́ńdè àti ọlidé ìjọba nìkan ni wọ́n pè ní ọjọ́ ìsinmi. Sátidé kò sí níbẹ̀. Amẹ́ríkà kọ Sátidé mọ́ tiwọn. Ní England, bóyá ọ́fíìsì kóòtù ṣí tàbí kò ṣí ni wọ́n ń wò, wọn ò dárúkọ ọjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má kọ "òpin ọ̀sẹ̀" sínú ìwé tí ẹ ń tú, àfi bí òfin ibẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí Sátidé, kó gbé ìwé rẹ̀ lọ ní Fúráìdè.

Àwọn ẹjọ́ kan sì wà tí kò sí ohun tó ń sún wọn. Ọjọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà là sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìdìbò ní abala 285, kóòtù ti sọ léraléra pé àwọn ò ní fi wákàtí kan kún un.

Oníṣòwò

Mà, kóòtù tó ń gba ìwé lórí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Tiwọn kì í tì. Ṣé Sọ́ńdè ṣì ń sún un?

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì

Níbi tí òfin bá ti dárúkọ Sọ́ńdè, bíi ti Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí ọjọ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Níbi tí wọ́n bá ti ní "bí ọ́fíìsì bá wà ní títì", àríyànjiyàn lè wà: kí ni títì níbi tí kò sí ilẹ̀kùn? Èmi ò ní fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni dán an wò.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ orúkọ kúrò pátápátá, mo kọ gbólóhùn dípò rẹ̀: "Ẹ má ka ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́. Ilẹ̀ tó mọ́ tẹ̀ lé e ni ọ̀kan. Ẹ pe ẹjọ́ náà kó má kọjá ọjọ́ 30. Bí ọjọ́ 30 bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọlidé ìjọba, àyè ṣì wà títí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú tàbí ọlidé yóò fi parí." Mo fẹ́ kọ "ọjọ́ kejì" dípò "ilẹ̀ tó mọ́", àmọ́ "ọjọ́ kejì ni ọ̀kan" á da orí òǹkàwé rú.

Olùkọ́ Yorùbá

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí ìwé náà ní àyè fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn ò ní lè kọ gbólóhùn gígùn síbẹ̀. Mi ò tíì jọ̀wọ́ "àsúnbọ́sí" o.