Báwo ni kí n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pàdánù ayò méjèèjì?

Ẹ kú ilé o. Ikọ̀ tẹníìsì orí tábìlì àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ló gba ife, 3 sí 2. Èmi ni kápútẹ́nì, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹ̀bùn.

Àbúrò tó kéré jù láàárín wa ló gba ayò karùn-ún. Wọ́n ti jọ dé 10 sí 10 ní sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn kó tó fi 12 sí 10 borí. Orúkọ ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa tó pàdánù ayò méjèèjì ló ti kọ́kọ́ bá alátakò kan náà fà á fún sẹ́ẹ̀tì márùn-ún gbáko. Ó ti rẹ ọkùnrin yẹn kó tó kan àbúrò. (Àwa tó mọ eré yìí nìkan ló rí i.)

Tí mo bá sọ ọ́ báyẹn, ó lè dà bíi pé mò ń ran gbogbo ayé létí pé ẹ̀gbọ́n pàdánù, kí àwọn tí a borí sì rò pé a ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n wa ló ṣílẹ̀kùn tí àbúrò gbà wọlé.” Ṣé ó tó?

Ìgbìmọ̀ tún wá jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná lọ. Ṣé kí n kí wọn ṣáájú ikọ̀ wa, lẹ́yìn tí mo bá ti kí baálẹ̀?