Báwo ni mo ṣe lè ya ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èpò olóró tó hù pọ̀ mọ́ ọn?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé wa, tẹ̀tẹ̀ arówójẹjà ni mo fọ́n sí wọn. Kí n tó fọ́n ọn, mo kó ilẹ̀ dúdú láti ààtàn kan tó wà lẹ́yìn ọjà, mo sì dà á lé bẹ́ẹ̀dì kan lórí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá. Àwọn méjì yòókù kò rí ilẹ̀ ààtàn yìí rárá. Ní báyìí, ẹ̀fọ́ ti hù dáadáa, ṣùgbọ́n nínú bẹ́ẹ̀dì tí mo da ilẹ̀ sí, mo rí ewé mìíràn tí ó fara jọ tẹ̀tẹ̀ láàárín wọn. Àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gíga wọn náà kò sì yàtọ̀. Ọmọ mi obìnrin ni ó sábà máa ń já ẹ̀fọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́, ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni àmì tí ọmọdé pàápàá lè fi ọwọ́ kàn tàbí kí ó fojú rí, kí a tó kó ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò.

Bàbá Alágbàdo, Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ìfarabalẹ̀, Màmá. Èmi máa ń wo ewé bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èyí tí kòkòrò bá ti lu ihò sí lára, tí ewúrẹ́ náà kò sì kọ̀, kò lè ní májèlé. Èyí tó bá ń dán gbinrin, tí ohunkóhun kò fẹnu kàn, ni kí ẹ fà tu. Ẹ tún ṣọ́ra fún tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, nítorí olóró ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rún ewé tí ẹ kò mọ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí àwọn ewé búburú kan máa ń rùn.

Olùkọ́ Ohun Ọ̀gbìn, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Bàbá tọ̀nà nípa òórùn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má ṣe fi kòkòrò tàbí ewúrẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń jẹ ewé tó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀, tí ohunkóhun kò sì ṣe wọ́n, nítorí inú wọn kò rí bíi tiwa. Ní ti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń yọ ní ibi tí ewé ti so mọ́ igi, ó sì máa ń gún ni gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe olóró. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ máa ń já ọ̀mùnú rẹ̀ kí ẹ̀gún tó le.

Èyí tí mo fura sí ni gégemu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apikán, nítorí ibi tí ilẹ̀ yẹn ti wá. Ó fẹ́ràn ààtàn àti ẹ̀yìn ilé tí ìdọ̀tí ti jẹrà, irúgbìn rẹ̀ sì lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hù. Tí ó bá ti dàgbà, kò ṣòro láti dá mọ̀: òdòdó rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì là bíi ti fèrè, èso rẹ̀ rí roboto, ẹ̀gún kúkúrú sì kún ara rẹ̀. Ìgbà tó wà ní kékeré ni ó ń tan ènìyàn, nítorí ewé tó kọ́kọ́ ń yọ kì í ní eyín létí. Etí rẹ̀ máa ń tẹ́jú bíi ti tẹ̀tẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ẹ fa igi kan ṣoṣo tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ gbé e sórí bébà funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìdí igi tẹ̀tẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ sábà máa ń pọ́n díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí abala ewé ti pàdé ọrùn rẹ̀. Ti tẹ̀tẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì máa ń parí sí ojú kan náà. Ti gégemu, apá kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ ju èkejì lọ, bí ẹni pé wọ́n gé e ní àgéṣì. Ẹ yí ewé náà padà: iṣan ẹ̀yìn ewé tẹ̀tẹ̀ máa ń yọ síta dáadáa, wọ́n sì tò tẹ̀ léra wọn lọ sí etí. Ẹ tún wo ṣónṣó ewé náà, nítorí ọ̀pọ̀ tẹ̀tẹ̀ ní ibi tó kó wọlé díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá wò ó tán ni kí ẹ wá rún un. Òórùn ewé tútù lásán ni ti tẹ̀tẹ̀. Ti gégemu wúwo, kò sì bára dé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ náà nu ojú, nítorí oje rẹ̀ lè mú ọmọlójú fẹ̀ kí ó sì mú kí ojú máa ríran bàìbàì.

Ẹ má ṣe fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Lára gégemu tó kéré gan-an, ìdí ewé tí kò dọ́gba yẹn lè má tíì hàn. Tí àmì méjì tàbí mẹ́ta kò bá fi ẹnu kò pé tẹ̀tẹ̀ ni, ẹ má jẹ ẹ́. Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ohun tó ń ṣe tèmi náà nìyí! Ẹ̀yìn ewé tẹ̀tẹ̀ mi ní àmì funfun roboto kéékèèké, orí rẹ̀ sì ń yí sí àwọ̀ ìyeyè. Ṣé májèlé ló wọ inú rẹ̀ ni? Mo ti ń da omi ọṣẹ sí i.

Olùkọ́ Ohun Ọ̀gbìn, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ó jọ àrùn kan tó máa ń mú tẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí òjò bá pọ̀ tí ewé sì há mọ́ra. Kò sọ tẹ̀tẹ̀ di èpò. Ẹ já àwọn ewé tó ti mú kúrò, kí ẹ dín ẹ̀fọ́ náà kù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn, ẹ má sì bu omi sí ewé lórí ní ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí májèlé gégemu ṣe ń ṣe, nítorí sísè kò pa á. Ní ìparí ọdún 2022 ní Ọsirélíà, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ara wọn kò yá lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ sípínáàṣì tí irú èpò yìí wọ̀ mọ́ láti oko. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì rẹ̀ láàárín wákàtí kan tàbí méjì: ẹnu á gbẹ, ọmọlójú á fẹ̀, ara á gbóná láìlàágùn, ọkàn á máa yára lù, ìtọ̀ lè há, onítọ̀hún á sì máa ṣe ìránrán tàbí kí ó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, ó sì burú jù fún ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí ẹni tí iyè rẹ̀ kò pé mọ́ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́kù nínú ewé náà dání, kó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà nínú ọbẹ̀.

Bàbá Alágbàdo, Ìsẹ́yìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Odù ńkọ́? Òun náà máa ń hù láàárín tẹ̀tẹ̀ mi. Àwọn kan ní olóró ni, nítorí èso rẹ̀.

Ìyá Àgbà, Iléṣà

Odù kì í ṣe olóró. A ti ń jẹ ẹ̀fọ́ odù láti ìgbà ìyá mi, yálà ó hù fúnra rẹ̀ tàbí a gbìn ín. A máa ń bọ̀ ọ́, a ó sì da omi rẹ̀ nù.

Olùkọ́ Ohun Ọ̀gbìn, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, Màmá. Mo gbà pé ewé odù tí a gbìn jẹ́ oúnjẹ wa, èso rẹ̀ tútù tí kò tíì pọ́n ni kí ọmọdé má fi ẹnu kàn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá là láti inú ilẹ̀ ààtàn, tí n kò mọ irú tó jẹ́, èmi kì í jẹ ẹ́.

Ìyá Àgbà, Iléṣà

Àwa ń jẹ ẹ́, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan rí. Ojú tó mọ odù kò ní ṣì í mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fa igi mẹ́ta tó rú mi lójú tu, mo sì gbé wọn sórí bébà. Èkíní ní gbòǹgbò pupa, ìdí ewé rẹ̀ dọ́gba, kò sì rùn, nítorí náà mo gbà pé tẹ̀tẹ̀ ni. Ìdí ewé èkejì kò dọ́gba, igi rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ewé méjì tó kọ́kọ́ là sì ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n gùn, wọ́n sì ki ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ. Nígbà tí mo rún un, òórùn rẹ̀ le débi pé ọmọ mi sún sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ó ṣì rú mi lójú. Ewé rẹ̀ jọ ti tẹ̀tẹ̀, kò rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ́ igi rẹ̀, oje funfun bẹ̀rẹ̀ sí í kán síta.

Olùkọ́ Ohun Ọ̀gbìn, Abẹ́òkúta

Gbogbo àmì tí ẹ kà fún èkejì bá gégemu mu. Ní ti ẹ̀kẹta, oje funfun náà ti tó láti kọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ ni ó wà nínú igi tẹ̀tẹ̀, kì í ní oje funfun rárá. Oríṣi èpò olóje funfun pọ̀ díẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ láìrí òdòdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ojú tàbí egbò.

Nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ já ewé lórí ìdúró mọ́. Ẹ máa fa ẹ̀fọ́ tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlagbà sì ṣà á kí a tó dì í. Nígbà mìíràn, ẹ má fọ́n ọn káàkiri. Ẹ po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ fi igi fa ilà tí àárín wọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì gbìn ín sójú ilà. Tẹ̀tẹ̀ máa ń hù láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ó sì tó já ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ṣùgbọ́n gégemu máa ń pẹ́ kí ó tó là, kì í sì í là lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ohun tó bá hù láàárín ilà méjì tàbí tó bá yọ lẹ́yìn tí tẹ̀tẹ̀ ti gbérí, ẹ fà á tu láìbéèrè. Tí ẹ bá ń gba irúgbìn tiyín sílẹ̀, ẹ fi asẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jọ̀ ọ́, nítorí ti tẹ̀tẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò ju mìlímítà 1 lọ, bẹ́ẹ̀ ti gégemu pẹlẹbẹ, ó sì tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn

Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè da àwọn tí mo fà tu sínú kòtò ajílẹ̀ mi?

Olùkọ́ Ohun Ọ̀gbìn, Abẹ́òkúta

Èyí tí kò tíì ní òdòdó lè wọ inú rẹ̀, tí ẹran ọ̀sìn kò bá ń dé ibẹ̀. Èyí tó bá ti ní èso, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ kó o dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí, nítorí kòtò ajílẹ̀ ilé kì í sábà gbóná tó láti pa irúgbìn rẹ̀. Ẹ má sun ún nítòsí ilé, èéfín rẹ̀ kò dára fún ènìyàn.