Kí ni ká pe é nígbà tí àyè mẹ́mọ́rì pọ̀ sí i tí àṣìṣe ojú-ìwé náà sì pọ̀ sí i?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lágeré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ àlàyé lórí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ní Yorùbá fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mẹ́mọ́rì pín sí àwọn àyè tí a ń pè ní fírémù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ojú-ìwé kan, ìyẹn ègé kan lára iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Bí iṣẹ́ bá wá ojú-ìwé tí kò sí nínú fírémù kankan, àṣìṣe ojú-ìwé nìyẹn. Ibi tí mo há sí ni èyí: bó bá jẹ́ ojú-ìwé tó kọ́kọ́ wọlé ni ètò ń kọ́kọ́ lé jáde, a lè fi fírémù kan kún ti iṣẹ́ kan, kí àṣìṣe ojú-ìwé rẹ̀ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ká pè é ní "èpè àyè". Kí ló ń fà á gan-an, orúkọ wo ló sì yẹ ẹ́?

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà

Ohun tó ń fà á kò ṣòro. Ètò àkọ́dé-àkọ́lọ kì í wo èyí tó wúlò. Ojú-ìwé tí iṣẹ́ ń lò lọ́wọ́ gan-an ni yóò tì síta nítorí pé ó ti pẹ́ nínú ilé, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò tún fi máa wá a. Ìfọ́jú ni. Mo dábàá "ìfọ́jú àkọ́dé". Ẹ jẹ́ ká fi èpè sílẹ̀, ta ló ṣẹ́ ẹ?

Ìyá Kàfé, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣé tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní kí wọ́n fi ráàmù kún kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ńṣe ló tún wá ń falẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mi fi í ní ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí náà ni?

Bàbá Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Kàfé, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ lórí tiyín.

Ọmọ Ọbòkun, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ ò tíì débẹ̀. Ìfọ́jú ló jẹ́ kí wọ́n máa lé ojú-ìwé tó wúlò, ṣùgbọ́n ìfọ́jú kan náà ló wà nínú fírémù mẹ́ta àti mẹ́rin. Kí ló wá dé tí mẹ́rin fi burú ju mẹ́ta lọ? Ẹ wo ìbéèrè méjìlá yìí, bí iṣẹ́ ṣe ń bèèrè ojú-ìwé rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé:

```
1 2 3 4 1 2 5 1 2 3 4 5
```

Pẹ̀lú fírémù mẹ́ta, 1, 2 àti 3 wọlé. 4 dé, ó lé 1. A tún bèèrè 1, kò sí nílé, ó wọlé padà, ó lé 2. 2 náà padà, ó lé 3. Lẹ́yìn náà 5 dé, ó lé 4. Pẹ̀lú fírémù mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a tún bèèrè 1 àti 2, a bá wọn nílé, inú wa dùn. 5 wá dé, ó lé 1. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ wo inú ilé méjèèjì. Ẹni tó pẹ́ jù ló wà lápá òsì:

```
3:  1 2 5
4:  2 3 4 5
```

Ojú-ìwé 1 wà nínú ilé kékeré, kò sí nínú ńlá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tó sì tẹ̀ lé e ni 1, lẹ́yìn rẹ̀ 2. Ilé kékeré bá àwọn méjèèjì nílé. Ilé ńlá kò bá 1. Bó ṣe ń mú un wọlé ló ń lé 2, tí a fẹ́ bèèrè. Bó ṣe mú 2 wọlé, ó lé 3. Báyìí ló ṣe ń lé èyí tó kàn títí dé òpin. Àpapọ̀ àṣìṣe jẹ́ 9 fún fírémù mẹ́ta, 10 fún mẹ́rin.

Kí ló fà á? Ẹ rántí gáréèjì tí a ti ń wọkọ̀ lọ Iléṣà: ọkọ̀ tó bá jáde tó tún wọlé, ẹ̀yìn ni yóò tò sí. Nínú ilé kékeré, lílé tí wọ́n lé 1 jáde ló sọ ọ́ di ẹni tuntun nígbà tó padà. Nínú ilé ńlá, a bá a nílé, ṣùgbọ́n bíbá tí a bá a kò yí ipò rẹ̀ padà lórí ìlà. Ó ṣì jẹ́ àgbà jù, òun ni ìlé sì kọ́kọ́ kàn. Ìyà tó jẹ ẹ́ nínú ilé kékeré ló gbà á là.

Kì í sì í ṣe pé àyè ní èpè. Fírémù kan ní àṣìṣe 12, méjì ní 12, mẹ́ta ní 9, mẹ́rin ní 10, márùn-ún ní 5 péré. Ibì kan ṣoṣo ló ti yí padà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Bélády, Nelson àti Shedler ló kọ ọ́ jáde ní 1969, orúkọ Bélády ló sì mọ́ ọn lára.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ju "àṣìṣe" nù. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe kankan. Iṣẹ́ lọ wá ojú-ìwé, kò bá a nílé, wọ́n lọ gbé e wá láti dísíkì. "Àìbá" ni kó jẹ́. Èyí tó kù, mo fẹ́ "òdì Bélády", nítorí ó lọ lódì sí ohun tí a retí.

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà

Àìbá dùn, mo gbà á. N kò fara mọ́ òdì. Bí ọmọ Iléṣà bá gbọ́ òdì, ohun tó máa sọ ni pé ta ló yan ta lódì? Èmi ì bá sọ pé "àyè-pọ̀-àìbá-pọ̀", kó sọ ara rẹ̀.

Mo sì ní ìbéèrè. Bí a bá fi àmì sára ojú-ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, kí ètò fo èyí tó bá ní àmì kó tó lé òmíràn, ṣé ó ti tán?

Bàbá Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Kò tán. Bí gbogbo wọn bá ní àmì, yóò yí wọn ká, yóò nu àmì wọn, yóò sì padà sórí ẹni tó pẹ́ jù. Àkọ́dé-àkọ́lọ náà ni. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá ni lílé ojú-ìwé tó ti pẹ́ jù tí a ti lò ó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀, bíbá ń sọ ojú-ìwé di tuntun, nítorí náà ohun tó wà nínú ilé kékeré kò lè ṣàìsí nínú ńlá. Lórí ìbéèrè méjìlá kan náà, àìbá 10 ni fún fírémù mẹ́ta, 8 fún mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí pé fún fírémù mẹ́ta, 10 yìí burú ju 9 ti àkọ́dé-àkọ́lọ lọ. Ìlérí rẹ̀ ni pé àyè kò ní pa á lára. Kò ṣèlérí pé òun ló máa dára jù nígbà gbogbo.

Ìyá Kàfé, iye àìbá là ń kà níbí, kì í ṣe ìfalẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ ṣí `Resource Monitor`, ẹ lọ sí `Memory`, kí ẹ wo `Hard Faults/sec` nígbà tó bá ń falẹ̀. Bí òdo bá wà níbẹ̀, kì í ṣe àìbá ló ń dà yín láàmú. Ẹ wo ráàmù tuntun náà bóyá ìyára rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, torí èyí tó lọ́ra ni àwọn méjèèjì yóò máa bá rìn.

Ìyá Kàfé, Ilé-Ifẹ̀

Òdo ni, nígbà míì 2. Mò ń tú u lọ́la.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lágeré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pa àṣìṣe rẹ́, mo fi àìbá sí i. Mo fi òdì Bélády sí orí àkòrí, mo sì fi ti Ọmọ Ọbòkun sínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Bàbá, ìlànà pé ohun tó wà nínú kékeré gbọ́dọ̀ wà nínú ńlá, orúkọ wo ni kí n fún un? "Ìfibò" ni mo kọ síbẹ̀ báyìí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà

Ìfibò kọ́, fífarasin nìyẹn. Gbìyànjú "àkópọ̀mọ́". Mi ò tíì gbà òdì o.